Ìpínrọ̀ Kẹrin: Ohun tí Mo Kọ́ Nígbà tí Mo Tún Ìwé Àdéhùn Ilé Kọ fún Ayálégbé

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2023, ìyá aránṣọ kan wọ ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, ó sì mú ìwé méjì lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ ìwé àdéhùn rúùmù àti pálọ̀ tó ń gbé ní apá Àlẹ́kúwódò. Èkejì jẹ́ ìwé pélébé kan tí ejẹ́ńtì onílé mú wá fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó sọ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà, ọjọ́ méje péré ló sì kù. Ó fi ìka lé ìpínrọ̀ kẹrin nínú ìwé àdéhùn, ó ní, "Lọ́yà, ẹ bá mi ka ibí yìí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó bá ń san owó ilé lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún un. Ibo ni ọjọ́ méje ti wá?"

N kò tíì kà á tán tí mo fi mọ̀ ọ́n. Ọ́fíìsì wa ni ìwé náà ti jáde, èmi ni mo sì kọ ọ́, tàbí kí n sọ pé èmi ni mo pààrọ̀ orúkọ, iye owó àti ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé mo ti bá ìpínrọ̀ náà nínú fáìlì ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mo sì ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò sì ní àmì ìdúró àfi ní ìparí. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìbu ohunkóhun kúrò, báyìí ni yóò rí:

"Pé a ti fohùn ṣọ̀kan, a sì fi ìwé yìí kéde rẹ̀, pé ìgbélé tí a fi ìwé yìí dá sílẹ̀ jẹ́ fún àkókò tó dájú tí í ṣe ọdún kan bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, yóò sì wá sí òpin nípa píparí àkókò náà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ dandan fún onílé láti fún ayálégbé ní ìwé ìkìlọ̀ èyíkéyìí láti jáde, ẹ̀tọ́ tí ayálégbé ti yọ̀ǹda báyìí, àfi ìwé ọlọ́jọ́ méje tó ń kéde èrò onílé láti gba ilé náà padà, àti pé bí ayálégbé bá dúró kọjá òpin tí a ti sọ, yóò máa san owó ìlò ilé ní ìwọ̀n owó ilé tí a ti sọ títí di ìgbà tí a bá gba ilé náà padà, láìṣe ìdíwọ́ fún ẹ̀tọ́ mìíràn tí ó lè ní."

Mo ní kí ìyá náà jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fún un. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa oṣù mẹ́fà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀. Òfin ìgbapadà ilé sọ pé ẹni tó ń gbé ilé láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń gbé e láti oṣù dé oṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan, ẹni tó ń gbé e láti ọdún dé ọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà. Àmọ́ ibi tí onílé àti ayálégbé kò bá ti fẹnu kò sí ohun mìíràn ni èyí ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àkókò mìíràn ni àwọn fẹ́, ohun tí wọ́n kọ ni ilé-ẹjọ́ yóò wò.

Ó tún kù. Láti ọdún dé ọdún kọ́ ni ìyá náà ń gbé ilé náà lójú òfin. Ọdún kan tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí lórí ìwé ló gbà. Ọdún bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá pa á. Bí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2023 ti kọjá, ó ti parí fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìwé tí àwọn èèyàn ń pè ní kúìtì nótíìsì nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun tó ṣẹ́kù fún onílé ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, èyí tí a fi ń sọ fún ayálégbé pé onílé ń bọ̀ wá gba ilé-ẹjọ́ lọ. Nítorí náà, ejẹ́ńtì náà kò ṣìnà lórí ọjọ́ méje.

Ohun tó ṣìnà lé lórí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti sọ fún ìyá aránṣọ pé tó bá di ọjọ́ kẹjọ, ẹrù rẹ̀ yóò wà níta. Onílé fúnra rẹ̀, àgbàlagbà kan tí mo pè lórí fóònù ní ọjọ́ kejì, ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ pé kó wá yọ ìlẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ọlọ́jọ́ méje kì í lé èèyàn jáde. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ṣí ọ̀nà fún yín láti gba ilé-ẹjọ́ Májísíréètì lọ, adájọ́ nìkan ló sì lè ní kó jáde." Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀." Ìwé wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó bá sì kà á kò lè mọ èwo ni.

Ọ̀rọ̀ náà parí ní ìtùnbí-ìnùbí. Ìyá aránṣọ lo oṣù mẹ́ta sí i, ó ń san náírà 12,500 lóṣù, nítorí pé owó ilé rẹ̀ jẹ́ náírà 150,000 lọ́dún, ó sì kó jáde ní ìparí oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn méjèèjì tó fọwọ́ sí ìwé kan náà ni wọn kò mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí, ọwọ́ mi ni ìwé náà sì ti jáde. Mo pinnu pé n óò tún ìpínrọ̀ kẹrin kọ kí n tó fi ìwé àdéhùn kankan lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá aránṣọ ti rí ilé mìíràn ní Òkè-Baálẹ̀, onílé ibẹ̀ sì gbà pé kí n kọ ìwé náà, nítorí náà a ní ìdí láti tètè ṣe é.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Mo rò pé gígùn gbólóhùn náà ni wàhálà rẹ̀, mo sì gé e sí wẹ́wẹ́: "Ọdún kan ni ilé yìí. Tó bá pé, ó parí. Yóò fún un ní ìwé ọlọ́jọ́ méje. Tí kò bá jáde, yóò máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù." Mo kà á sí ìyá náà létí, inú mi sì dùn sí bí ó ṣe kúrú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ta ni yóò fún ta?"

Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú sí ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ nípa èdè ara mi. Nínú Yorùbá, "ó", "yóò", "un" àti "rẹ̀" kò yà ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, a ó fi ojú àti ọwọ́ júwe ẹni tí à ń bá wí. Lórí ìwé, kò sí ojú, kò sì sí ọwọ́. Ìwé àdéhùn ilé sì jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ẹni méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà gbogbo "ó" inú rẹ̀ ló lè yí sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò ní lọ́kàn. Mo tilẹ̀ dán "ẹ̀yin" wò, kí ìwé náà lè máa bá ayálégbé sọ̀rọ̀ tààrà, ṣùgbọ́n "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan náà ni a fi ń pe èèyàn púpọ̀. Bí tọkọtaya bá jọ gba ilé, a kò ní mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú wọn ni à ń bá sọ̀rọ̀ tàbí àwọn méjèèjì. Níkẹyìn, mo padà sí "onílé" àti "ayálégbé", mo sì ń tún wọn pè ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dún létí bí ẹni tó ń sọ ohun kan náà lásọtúnsọ. Nínú ìwé tí ilé-ẹjọ́ lè wá kà lọ́la, àsọtúnsọ kò burú.

"Yóò" ní ìṣòro mìíràn lọ́tọ̀. "Onílé yóò fún ayálégbé ní ìwé": ṣé àsọtẹ́lẹ̀ ni, àbí àṣẹ, àbí ohun tí onílé lè ṣe tó bá wù ú? Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbé gbogbo wọn. Mo yọ "yóò" kúrò níbikíbi tí ẹ̀tọ́ tàbí ojúṣe bá wà, mo fi "gbọ́dọ̀" síbi tó bá jẹ́ dandan, mo sì fi "lè" síbi tí ẹni náà bá ní ẹ̀tọ́ láti ṣe é tàbí láti fi í sílẹ̀. Bí mo ti ń ṣe é ni mo rí i pé àwọn ibì kan wà nínú ìwé wa àtijọ́ tí èmi fúnra mi kò mọ èwo nínú méjèèjì ni a ní lọ́kàn. Mo ní láti pe onílé láti béèrè. Títún ìwé kọ ní ọ̀nà tó rọrùn máa ń tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta, torí pé ọ̀rọ̀ tó díjú lè bo ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì pinnu mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje, èyí tí n kò retí rárá. Ejẹ́ńtì ti sọ fún ìyá náà pé ọjọ́ 8 oṣù kẹta ni ọjọ́ méje òun pé. Èmi kà á sí ọjọ́ 9. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka ọjọ́ ni ejẹ́ńtì náà ṣe kà á. Nínú ìṣirò wa, òní wà lára rẹ̀. Ọjà tí à ń pè ní ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín rẹ̀ tí a bá kà á bí ilé-ìwé ṣe ń kà á; ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló jẹ́; ẹni tó bá sì sọ ní Ọjọ́bọ̀ pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ló ní lọ́kàn. Òfin kì í ka ọjọ́ tí a fi ìwé lé èèyàn lọ́wọ́. Ìwé tí ìyá náà gbà ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2, ọjọ́ 3 ni kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 9 ló parí, ọjọ́ 10 sì ni onílé tó lè gbé ẹsẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọjọ́ kan péré ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n onílé tó bá sáré pe ẹjọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú lè pàdánù owó ìwé àti àkókò rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í kọ "ọjọ́ méje" nìkan. Mo máa ń sọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, tí ọjọ́ náà bá sì ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ gan-an ni mo ń kọ.

Ẹ̀dà tí a wá lò fún ilé Òkè-Baálẹ̀, tí owó rẹ̀ jẹ́ náírà 180,000 lọ́dún, lọ báyìí:

"Ọdún kan ni ayálégbé gba ilé yìí fún. Ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2023, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2024. Bí onílé àti ayálégbé kò bá fọwọ́ sí àdéhùn tuntun kí ọjọ́ ìparí náà tó kọjá, àdéhùn yìí parí ní ọjọ́ náà, kò sì pọn dandan kí onílé kọ́kọ́ fún ayálégbé ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà tàbí ti oṣù kan. Bí ayálégbé bá ṣì wà nínú ilé lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, onílé lè fún ayálégbé ní ìwé ọlọ́jọ́ méje. Ọjọ́ tí ayálégbé gba ìwé náà kò sí lára ọjọ́ méje. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ìwé ọlọ́jọ́ méje kò fún onílé ní àṣẹ láti lé ayálégbé jáde. Lẹ́yìn tí ọjọ́ méje bá pé, onílé lè lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ nìkan ló sì lè pàṣẹ kí ayálégbé jáde. Fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ayálégbé bá lò lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, ayálégbé gbọ́dọ̀ san náírà 15,000 fún onílé. Owó yìí kì í ṣe owó ilé tuntun, bí onílé bá sì gbà á, èyí kò túmọ̀ sí pé onílé ti fún ayálégbé ní ọdún mìíràn."

Ó gùn ju ti àtijọ́ lọ. Mo ti rí àwọn tó rò pé ìwé tó rọrùn gbọ́dọ̀ kúrú, mo sì ti wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé àtijọ́ fi pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ bíi "owó ìlò ilé" àti "ẹ̀tọ́ mìíràn" nílò àyè nígbà tí a bá tú u sílẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, fún àpẹẹrẹ, ni mo fi kún un nítorí pé bí onílé bá gba owó lẹ́yìn tí ọdún ti parí, tí a kò sì sọ ohun tí owó náà wà fún, ayálégbé lè dé ilé-ẹjọ́ kó sọ pé ọdún tuntun ti bẹ̀rẹ̀, adájọ́ sì lè gbà á gbọ́.

Nígbà tí mo ka ẹ̀dà yìí sí ìyá aránṣọ létí, kò yìn mí. Ó bínú. Ó ní, "Ṣé oṣù mẹ́fà mi ni mo fi sílẹ̀ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìwé Àlẹ́kúwódò náà ló ti fi í sílẹ̀, kò kàn mọ̀ ni. Ó bi onílé tuntun bóyá ó lè sọ fún òun ní oṣù mẹ́ta ṣáájú bí kò bá ní fún òun ní ilé náà mọ́, kí òun lè wá ibòmíràn láìsáré. Onílé gbà. A wá kọ ọ́ pé onílé gbọ́dọ̀ sọ èrò rẹ̀ fún ayálégbé nínú ìwé, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024. Ṣùgbọ́n bí onílé kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni mo máa ń bi gbogbo "gbọ́dọ̀" báyìí, nítorí pé "gbọ́dọ̀" tí kò ní ìdáhùn sí i kò yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. A fẹnu kò pé bí onílé bá dákẹ́ títí ọjọ́ náà fi kọjá, ayálégbé lè lo ilé náà títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ní iye owó kan náà, ọjọ́ yẹn ni yóò sì di ọjọ́ ìparí.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ayálégbé níbí yìí pẹ̀lú. Kí a tú ìpínrọ̀ ìkìlọ̀ sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí ayálégbé máa wá àṣìṣe inú ìwé onílé láti fi jókòó sílé. Ní ọdún 2021, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Èkó, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti fi hàn pé òun kò ní máa gba àlébù inú ìwé ìkìlọ̀ láyè bí ọgbọ́n tí ayálégbé fi ń gbé ilé onílé lọ títí. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé ọjọ́ méje fún ayálégbé, mo máa ń sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a má fi agbára lé e, kì í ṣe kó má jáde láéláé.

Àṣìṣe tó dùn mí jù wà lórí ìpínrọ̀ àtúnṣe, kì í sì í ṣe ilé ìyá aránṣọ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìwé àtijọ́ ní kí ayálégbé dá ilé padà ní ipò tó bójú mu fún gbígbé, "yàtọ̀ sí ohun tí ìlò tó tọ́ bá sọ di ogbó". Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ, mo ti tún un kọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba ilé ní Ògo-Olúwa, mo ní: "Ayálégbé gbọ́dọ̀ dá ilé padà bó ṣe bá a." Ó mọ́, ó kúrú, ọmọdé lè gbọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń kó jáde lẹ́yìn ọdún méjì, onílé yọ náírà 35,000 nínú owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ fún ọ̀dà tó ti ṣá àti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ti gbó. Mo sọ fún onílé pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìwé wa máa ń sọ, ó sì na ìwé náà sí mi, ó ní kí n fi hàn òun. Kò sí níbẹ̀. Mo ti gé e dànù, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun ọ̀ṣọ́ lójú mi. Ẹ̀tọ́ ni, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ ayálégbé náà láìmọ̀. Nígbà tí a bẹ onílé títí, ó dá ìdajì owó náà padà.

Nígbà tí mo ń kọ ìwé Òkè-Baálẹ̀, mo sọ ìtàn yìí fún ìyá aránṣọ, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tí n óò fi sọ ìyàtọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Lọ́yà, aṣọ tó gbó kò kúkú jọ aṣọ tó ya. Èyí tó gbó, wíwọ̀ ló wọ̀ ọ́. Èyí tó ya, ìṣó ló fi kọ́." N kò rí ọ̀rọ̀ tó dára ju èyí lọ. Ìpínrọ̀ náà wá kà pé: "Ayálégbé kò ní san owó fún ohun tó gbó, ayálégbé gbọ́dọ̀ tún ohun tó bá bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀dà tó ṣá, nẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ti sọ di ẹlẹgẹ́ àti ilẹ̀ tó họ níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà jẹ́ ohun tó gbó. Gíláàsì fèrèsé tó fọ́, ìlẹ̀kùn tó yọ nítorí ipá àti kọ́kọ́rọ́ tó sọnù jẹ́ ohun tó bàjẹ́. Òrùlé, ògiri àti páìpù tó wà nínú ògiri jẹ́ ti onílé láti tún ṣe." A tún kọ bí ilé náà ṣe rí ní ọjọ́ tó wọlé sórí ìwé kan lọ́tọ̀, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé kékeré yẹn, "bó ṣe bá a" kò ní ẹ̀rí.

Ìpínrọ̀ tó kù tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn ni èyí tó sọ pé bí ayálégbé bá jẹ owó ilé fún ọjọ́ 21, "ó tọ́ lábẹ́ òfin kí onílé tún wọ inú ilé náà". Bí mo bá tú u bó ṣe wà, ohun tí onílé yóò gbọ́ ni pé kó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Níbí ni títúmọ̀ ti dé òpin agbára rẹ̀. Ìpínrọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ti èèyàn sínú ohun tí òfin kò gbà kò ṣeé sọ di rírọrùn lásán. Ó ní láti padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo tún un kọ pé onílé lè gba ilé-ẹjọ́ lọ. Bákan náà ni mo yọ orúkọ òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kúrò nínú ìwé mẹ́ta tí àwọn èèyàn mú wá fún mi ní Òṣogbo, nítorí pé ìwé Èkó ni wọ́n dà kọ, òfin Èkó kì í sì í ṣiṣẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àwọn kan ti bi mí pé èwo ni àdéhùn gan-an, ti Òyìnbó ni tàbí ti Yorùbá. Ìwé méjì tó ń sọ ohun kan náà lè yapa síra, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú wọn èwo ni aṣáájú. Mo fi ti Òyìnbó ṣe aṣáájú, torí pé ìwé tí kò bá sí ní èdè Òyìnbó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kí ilé-ẹjọ́ tó lè lò ó. Ṣùgbọ́n Òyìnbó náà ni mo kọ́kọ́ sọ di rírọrùn, gbólóhùn kan fún ohun kan, kí Yorùbá tó tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé sì ní kí ẹni tó bá kọ ìwé fún irú wọn kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì kà á, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni náà kó tó fọwọ́ tàbí àtàǹpàkò sí i. Mo máa ń ṣe èyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kíkà lásán ni mo ń kà, n óò sì bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Kò sí ẹni tó máa ń sọ pé kò yé òun níwájú agbẹjọ́rò.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń béèrè ohun tó ní ọjọ́ nínú. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ fọwọ́ sí ìwé Òkè-Baálẹ̀, mo bi ìyá aránṣọ ní ìbéèrè márùn-ún níwájú onílé. Ó gba mẹ́ta. Ọ̀kan nínú méjì tí kò gbà ní í ṣe pẹ̀lú fèrèsé tí ìjì bá fọ́, a sì rí i pé ìwé wa kò sọ ti ìjì rárá, nítorí náà a fi kún un pé onílé ni yóò tún un ṣe. Èkejì tí kò gbà wà lórí ìwé ọlọ́jọ́ méje. Mo ní, "Ìyá, ká ní onílé mú ìwé náà wá fún yín ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ọjọ́ wo ni ó lè lọ sí ilé-ẹjọ́?" Ó ní ọjọ́ 10. Mo tún gbólóhùn tó sọ nípa kíkà ka fún un, kò sì jẹ́ kí n parí rẹ̀ tó fi na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó fi àtàǹpàkò kan ìka kọ̀ọ̀kan bó ti ń kà á sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 4, ó dé ọjọ́ 10, ó wá dúró. Ó yíjú sí onílé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kọkànlá ni. Ẹ má wá bá mi ní ọjọ́ kẹwàá o." Onílé náà ka tirẹ̀ lórí ìka, ó mi orí, ó sì fa ìwé náà mọ́ra láti fọwọ́ sí i.